Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí lórí owó ìpolówó, ìlà ìtẹ̀sí àti àsọtẹ́lẹ̀ ọjà

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, ìbéèrè kan náà lórí rígíréṣọ̀n, ìyẹn bí a ṣe ń fi ìwé owó ìpolówó mọ ọjà tó máa tà, ló ń yí padà wá bá mi. Mo kó wọn jọ síbí. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Òkè-Ajé ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Màmá tó ni ín yọ̀ǹda, mo sì ti sọ iye owó wọn di iye tó gún kí ìṣirò má baà ni yín lára.

Kí ni rígíréṣọ̀n yìí gan-an?

Ọ̀nà láti fi ìwé tí ẹ ti kọ sílẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan ni: bí owó ìpolówó bá fi náírà kan lé sí i, náírà mélòó ló sábà máa ń bá a lé nínú owó ọjà? Ẹ fi àmì kan sórí pépà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí owó ìpolówó bá ṣe pọ̀ tó ni àmì náà yóò ṣe sún sápá ọ̀tún tó, bí ọjà bá ṣe tà tó ni yóò ṣe gòkè tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan gba àárín àwọn àmì náà kọjá. Ìlà yẹn ni mo ń pè ní ìlà ìtẹ̀sí, torí pé ibi tí ọjà tẹ̀ sí ló ń fi hàn.

A kì í fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Kọ̀ǹpútà máa ń wọn bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìlà náà lóòró, á fi ìjìnnà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìlà tí àròpọ̀ yẹn bá kéré jù lọ fún ni ìlà tó máa fà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú: àmì tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ariwo tirẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ohun méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan: iye tí ẹ fi polówó, àti iye ọjà tí ẹ tà. Ìwé ọdún 2024 ti ṣọ́ọ̀bù Òkè-Ajé nìyí. Ẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà 20 túmọ̀ sí ₦20,000.

| Oṣù | Ìpolówó | Ọjà |
|---|---|---|
| Ṣẹ́rẹ́ | 20 | 540 |
| Èrèlé | 30 | 610 |
| Ẹrẹ́nà | 30 | 590 |
| Igbe | 40 | 660 |
| Èbìbí | 50 | 760 |
| Òkúdù | 80 | 1,400 |
| Agẹmọ | 20 | 500 |
| Ògún | 30 | 600 |
| Ọwẹ́wẹ̀ | 40 | 680 |
| Ọ̀wàrà | 30 | 640 |
| Bélú | 50 | 740 |
| Ọ̀pẹ | 60 | 920 |

Ibi tí ìwé ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ọjọ́. Bí ẹ bá san owó fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní ìparí Igbe, tó sì jẹ́ pé Èbìbí ló ké e, inú Èbìbí ni owó náà ń lọ. Bákan náà ni àwìn: oṣù tí aṣọ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe oṣù tí ẹgbẹ́ náà wá san gbèsè. Gbogbo wa la mọ bí owó aṣọ ẹgbẹ́ ṣe máa ń pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó bá ń kọ ọjọ́ tí owó dé, ìpolówó oṣù mìíràn ló máa gba ọpẹ́ ọjà náà.

Báwo ni mo ṣe máa fa ìlà náà nínú Excel?

Ẹ kọ oṣù sí òpó A, ìpolówó sí B, ọjà sí C, kí àkọlé wà ní ẹsẹ kìíní. Ẹ fi máòsì yan láti B1 dé C13, ẹ lọ sí Insert, ẹ mú Scatter. Bí àwọn àmì bá ti jáde, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹ mú Add Trendline, kí ẹ sì fi àmì sí Display Equation on chart àti Display R-squared value on chart. Ohun tó máa jáde nìyí:

```
y = 13x + 200
R² = 0.8975
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ níbí ni pé èèyàn á mú Line dípò Scatter. Àwòrán Line kò ka òpó B sí nọ́ńbà ìdíwọ̀n rárá. Oṣù 1, 2, 3 dé 12 ló máa fi dípò rẹ̀. Ìlà á jáde, á sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe ń rìn láti oṣù dé oṣù ló ń sọ, kò mọ nǹkan kan nípa ìpolówó. Fún ìwé yìí, y = 15.455x + 619.55 ni ẹ máa rí, R² rẹ̀ á sì jẹ́ 0.0533 péré. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ padà lọ wo irú àwòrán tí ẹ mú.

Mi ò fẹ́ àwòrán, nọ́ńbà nìkan ni mo fẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ kọ èyí sínú àpótí tó ṣófo:

```
=SLOPE(C2:C13,B2:B13)
=INTERCEPT(C2:C13,B2:B13)
=RSQ(C2:C13,B2:B13)
```

Ọjà ló ń ṣáájú, ìpolówó ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé ìpolówó ṣáájú á rí 0.069 dípò 13, torí ìbéèrè mìíràn ló bi kọ̀ǹpútà: bí ọjà bá fi náírà kan lé sí i, mélòó ni ìpolówó fi lé?

Kí ni 13 ń sọ, kí ni 200 sì ń sọ?

13 ni bí ìlà ṣe ń gòkè. Ó ní: nínú ìwé ọdún yìí, oṣù tí ìpolówó bá fi ₦1,000 ju oṣù mìíràn lọ, ọjà rẹ̀ sábà máa ń fi ₦13,000 jù ú lọ. Ẹ kíyè sí bí mo ṣe sọ ọ́. Mi ò sọ pé ìpolówó ló mú ₦13,000 yẹn wá. A ó padà síbẹ̀.

200 ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjà tó yẹ kí ó tà bí ìpolówó bá jẹ́ òdo. Ẹ má gbé e lórí jù. Màmá kò ní oṣù kankan tí ìpolówó wọn kéré sí ₦20,000, nítorí náà kò sí ẹ̀rí nínú ìwé fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi òdo. Àpèjá ìlà lásán ni.

Ṣé mo lè fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dára kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Àpapọ̀ ìpolówó ọdún náà pín sí 12 jẹ́ 40. Ti ọjà jẹ́ 720. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 40 kúrò nínú ìpolówó, ẹ yọ 720 kúrò nínú ọjà, kí ẹ sì fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44,200. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tó kù nínú ìpolówó nìkan, kí ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Àròpọ̀ tiẹ̀ jẹ́ 3,400. Ẹ fi 3,400 pín 44,200, ó di 13. Níparí, 720 dín ìlọ́po 13 ti 40 jẹ́ 200.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni pé nínú 44,200 yẹn, Òkúdù nìkan mú 27,200 wá. Oṣù kan nínú méjìlá ló ru ju ìdajì ẹrù lọ.

Kí ni iye orí ìlà? Àṣẹ́kù ńkọ́?

Iye orí ìlà ni ọjà tí ìlà rò pé ó yẹ kí oṣù kan tà, bí ó bá ti mọ owó ìpolówó rẹ̀. Ṣẹ́rẹ́ fi 20 polówó: 13 lọ́nà 20 jẹ́ 260, ẹ fi 200 kún un, ó di 460. Ṣùgbọ́n 540 ni Ṣẹ́rẹ́ tà. 80 tó fi jù ú lọ ni àṣẹ́kù rẹ̀. Fún gbogbo oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ èyí sí D2, kí ẹ fà á dé D13, kí ẹ sì yọ D kúrò nínú C fún àṣẹ́kù:

```
=TREND(C$2:C$13,B$2:B$13,B2)
```

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò òpó àṣẹ́kù dá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo tiwa. Òkúdù fi 160 ju ìlà lọ. Èbìbí fi 90 rẹlẹ̀, Bélú fi 110 rẹlẹ̀, Ọ̀pẹ fi 60 rẹlẹ̀. Ṣẹ́rẹ́ àti Agẹmọ tí ìpolówó wọn kéré jù lọ, méjèèjì ló wà lókè ìlà. Ìyẹn ni pé ìlà náà kéré fún oṣù tí ìpolówó rẹ̀ kéré, ó sì ga jù fún oṣù tí ìpolówó rẹ̀ pọ̀, àfi Òkúdù nìkan. Bí àṣẹ́kù bá ń tò lẹ́sẹẹsẹ báyìí, nǹkan kan ló ń fa ìlà náà ní etí.

R² mi jẹ́ 0.90. Ṣé ìlà mi ti dára nìyẹn?

Kò tíì dára. R² kàn ń sọ pé nínú gbogbo bí ọjà ṣe ń ròkè rodò láàrin ọdún, ìlà yìí bá ìpín 90 nínú 100 lọ. Kò sọ ìdí tí ọjà fi ń ròkè rodò. Nínú ìwé yìí, ohun tó pọ̀ jù nínú ìròkèrodò náà ni Òkúdù tó yọ sókè nìkan bí igi ìrókò láàrin ẹ̀gẹ́, ìlà sì ti sáré lọ bá a. Ìlà tó bá sáré tẹ̀ lé àmì kan ṣoṣo lè ní R² tó ga, kó sì máa ṣì yín lọ́nà ní oṣù mọ́kànlá tó kù.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Òkúdù?

Òjúde Ọba ni. Ọjọ́ kẹta Iléyá la máa ń ṣe é, ní 2024 sì ni ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń ti Èkó àti òkè òkun bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ kí fìlà òun ṣe àkísà lójú ọba. Bóyá màmá polówó o, bóyá wọn ò polówó, ọjà á tà lóṣù yẹn.

Ṣùgbọ́n màmá polówó. Wọ́n mọ̀ pé ọjà ń bọ̀, wọ́n sì fi ₦80,000 sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Kọ̀ǹpútà ò mọ Òjúde Ọba. Ohun tó rí ni pé oṣù tí ìpolówó pọ̀ jù ni ọjà tà jù, ó sì gbé gbogbo ọpẹ́ fún ìpolówó.

Ẹ wò ó bí a bá yọ Òkúdù kúrò, tí a fi oṣù mọ́kànlá tó kù fa ìlà tuntun:

```
y = 8.78x + 338.9
R² = 0.94
```

13 ti di 8.78. Àwọn oṣù mọ́kànlá yìí fara mọ́ ìlà tuntun dáadáa: pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́, oṣù kan máa ń ṣìnà tó 81, pẹ̀lú èyí, ó jẹ́ 30 péré. STEYX ló ń sọ iye yẹn nínú Excel, bí ẹ ṣe ń kọ SLOPE náà lẹ máa kọ ọ́.

Ṣé kí n kàn pa Òkúdù rẹ́ nínú ìwé mi ni?

Ẹ má pa á rẹ́ o. Oṣù tó mú owó wá jù lọ ni, ẹ ó sì nílò rẹ̀ láti sọ ohun tí ọdún tó ń bọ̀ máa mú wá. Ẹ fún Òjúde Ọba ní òpó tirẹ̀. Ẹ fi òpó tuntun sáàrin B àti C, kí ọjà sún lọ sí D. Nínú òpó tuntun náà, ẹ kọ 1 fún Òkúdù, 0 fún gbogbo oṣù yòókù. Lẹ́yìn náà:

```
=LINEST(D2:D13,B2:C13)
```

Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa jáde ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: 358.7, 8.78, 338.9. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ẹ̀yìn ni LINEST ti ń ka òpó wá sí iwájú. Èkíní jẹ́ ti òpó C, ìyẹn Òjúde Ọba. Èkejì jẹ́ ti B, ìpolówó. Ẹ̀kẹta ni ìpìlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbà pé ₦1 ìpolówó ń mú ₦358 wá nítorí pé kò mọ èyí, inú rẹ̀ sì dùn fún odidi ọjọ́ kan.

Nítorí náà, Òjúde Ọba fúnra rẹ̀ gbé nǹkan bí ₦359,000 wá lórí ohun tí ìpolówó lè ṣàlàyé. Ọdún kan péré la fi rí iye yìí, ẹ má fi búra. Bí ẹ bá ní ìwé ọdún mẹ́ta, á fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i.

13 tàbí 8.78, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú àpò mi?

Ìyàtọ̀ èrè àti àdánù ni. Ọjà títà kì í ṣe èrè. Nígbà tí màmá bá yọ owó tí wọ́n fi ra aṣọ àti owó ọkọ̀, ₦10 ló ń kù nínú ₦100. Bí 13 bá jẹ́ òótọ́, ₦1 ìpolówó ń mú ọjà ₦13 wá, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1.30: wọ́n jẹ 30 kọ́bọ̀. Bí 8.78 bá jẹ́ òótọ́, èrè orí ọjà náà jẹ́ 88 kọ́bọ̀. Wọ́n ná ₦1 láti rí 88 kọ́bọ̀.

Màmá ti ń múra láti sọ owó ìpolówó di ìlọ́po méjì nígbà tí mo fi èyí hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé rédíò ni mo wá ń tà aṣọ fún ni?" Kí ìpolówó tó lè san owó ara rẹ̀ pẹ̀lú 8.78, èrè orí ọjà gbọ́dọ̀ ju ₦11.40 lọ nínú ₦100. Lórí léèsì tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà, kò tó bẹ́ẹ̀. Lórí gèlè àti fìlà, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn ọjà yẹn ni wọ́n wá ń polówó báyìí.

Báwo ni mo ṣe máa sọ tẹ́lẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ pinnu iye tí ẹ máa fi polówó, torí ìlà kò lè bá yín pinnu rẹ̀. Fún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, màmá pinnu 30 fún Ṣẹ́rẹ́, 40 fún Èrèlé, 20 fún Ẹrẹ́nà. Kò sí Òjúde Ọba nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà 338.9 àti 8.78 la fi ṣírò: 602, 690 àti 515.

Bí òpó ìpolówó nìkan lẹ bá ní, tí ọjà ṣì wà ní òpó C, Excel á ṣe é fún yín tààrà. Ẹ fi 30 yẹn sí àpótí F2, kí ẹ kọ:

```
=FORECAST.LINEAR(F2,C2:C13,B2:B13)
```

Nínú Excel àtijọ́, FORECAST lásán ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó lórí ìwé wa yìí láìyọ Òkúdù, 590 ló máa sọ fún 30, 460 ló sì máa sọ fún 20. Ìlà àkọ́kọ́ ló ń lò, gbogbo àléébù rẹ̀ ló sì bá a wá.

Ọwọ́ wo ni kí n fi mú nọ́ńbà àsọtẹ́lẹ̀ náà?

Ẹ má mú un bí ìlérí. Oṣù kan máa ń fi nǹkan bí 30 ṣìnà kúrò lórí ìlà. Bí a bá fẹ́ ààlà tí ọjà á bọ́ sí lẹ́ẹ̀mọkàndínlógún nínú ogún, ó ju ìlọ́po méjì 30 lọ díẹ̀, torí oṣù mọ́kànlá péré la fi fa ìlà, ìlà fúnra rẹ̀ sì lè yẹ̀ díẹ̀. Fún ìwé yìí, ó jẹ́ 75 sókè tàbí 75 sísàlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún màmá nípa Ṣẹ́rẹ́ ni pé kí wọ́n retí láti ₦527,000 dé ₦677,000.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, 580, 720 àti 560 ni wọ́n tà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ààlà. Bẹ́ẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ga ju ìlà lọ, mo sì kọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Bí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin bá tún ga, ìlà ti gbó nìyẹn, a ó fà á tuntun.

Òjúde Ọba ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kọ 1 sí Òkúdù náà?

Ibí ni ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ti máa ń pin, tí ti ọmọ Ìjẹ̀bú sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún àwọn mùsùlùmí fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà lọ, nítorí náà Iléyá ń yára dé sí i lọ́dọọdún, ó sì ń fa Òjúde Ọba dání. Ní 2024, ọjọ́ 18 Òkúdù ni. Ní 2025, ọjọ́ 8 Òkúdù ni. FORECAST.ETS tó wà nínú Excel, tó máa ń wá oṣù tó jọra láti ọdún dé ọdún, á máa dúró de èrò ní Òkúdù nígbà tí wọ́n ti rajà lọ ní Èbìbí.

Màmá sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọjọ́ náà ni èrò máa ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, torí àwọn tó gbàgbé fìlà àti gèlè ni oníbàárà wọn. Ní 2024, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn jẹ́ ọjọ́ 4 sí 17 Òkúdù, inú Òkúdù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní 2025, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 Èbìbí, ó parí ní ọjọ́ 7 Òkúdù: ọjọ́ méje níbí, ọjọ́ méje lọ́hùn-ún. Nítorí náà 0.5 ni mo kọ sí Èbìbí, 0.5 sí Òkúdù. Pẹ̀lú ìpolówó 50 ní Èbìbí, ó di 957. Pẹ̀lú 60 ní Òkúdù, ó di 1,045. Ẹni tó kàn kọ 1 sí Òkúdù á tọ́jú owó ọjà pamọ́ di ọ̀sẹ̀ tí ayẹyẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá.

Bí mo bá fi ₦200,000 polówó lóṣù kan ńkọ́?

Ìlà á dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń sọ. Láàrin 20 sí 60 nìkan ni ẹ̀rí wa ti nípọn. Èrò tó ń gbọ́ rédíò kan náà ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í pọ̀ sí i nítorí pé ẹ ké ìpolówó nígbà mẹ́wàá lójúmọ́.

Ọjà ń gbówó lórí. Ṣé náírà ni kí n kà ni, àbí yáàdì?

Ẹ ka méjèèjì. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé ọ̀wọ́n ọjà ní Nàìjíríà ti fi ohun tó ju 34 nínú 100 lé láàrin ọdún kan. Ṣẹ́rẹ́ àti Agẹmọ fi 20 polówó bákan náà. Ṣẹ́rẹ́ tà 540, Agẹmọ tà 500. Lójú náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lójú yáàdì, aṣọ tó jáde ní Agẹmọ kéré sí ti Ṣẹ́rẹ́ gan-an, torí yáàdì kan náà ti wọ́n sí i láàrin wọn. Owó rédíò náà kì í dúró lójú kan. Bí ẹ bá ní ìwé yáàdì, ẹ fa ìlà rẹ̀, kí ẹ fi iye owó yáàdì oṣù tó ń bọ̀ sọ ọ́ di náírà lẹ́yìn ìgbà náà. Ìlà yáàdì kì í tètè gbó.

Ìpolówó oṣù yìí lè mú oníbàárà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ìlà mọ ìyẹn?

Kò mọ̀, àfi bí ẹ bá fi hàn án. Ẹ fi òpó mìíràn sí i tí ìpolówó oṣù tó kọjá máa wà níwájú oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo bóyá nọ́ńbà rẹ̀ nínú LINEST tó nǹkan. Oṣù méjìlá kéré fún òpó mẹ́ta. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ní ogún oṣù ó kéré tán. Fún aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń fi oṣù méjì ṣe ìpàdé lé lórí, ó ṣe pàtàkì. Fún gèlè, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìpolówó ló ń fa ọjà, àbí ọjà ni mo ń rí lọ́ọ̀ọ́kán tí mo fi ń polówó?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, ìwé àtẹ̀yìnwá ò sì lè dáhùn rẹ̀ tán. A ti yọ Òjúde Ọba sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ ṣì wà nínú rẹ̀, tí màmá fi 60 polówó nítorí Kérésìmesì. Bélú náà wà níbẹ̀, nítorí ìgbéyàwó. Gbogbo oṣù tí ọwọ́ wọn ti là nípa ìpolówó, ìdí kan wà tó jẹ́ kí wọ́n là á. Ó ṣeé ṣe kí 8.78 pàápàá ṣì ga jù.

Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí ìdí yẹn kúrò níbẹ̀. Mo ní kí màmá mú oṣù mẹ́fà tí kò sí ayẹyẹ nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè: bí orí bá hàn, 50, bí ìdí bá hàn, 30. Bí 8.78 bá jẹ́ òótọ́, ìyàtọ̀ 20 yẹn gbọ́dọ̀ hàn bí ₦176,000 lóṣù, nígbà tí oṣù kan kì í sábà ṣìnà ju 30 lọ. Kò lè fara pamọ́. Bí ìyàtọ̀ tí a rí bá jẹ́ 60 tàbí 70 péré, a ti mọ̀ pé ojú ọjà ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì lè ṣe é kánkán: ẹ ké ìpolówó lórí rédíò tí Rẹ́mọ nìkan ń gbọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù Ṣágámù wé ti Ìjẹ̀bú-Òde láàrin oṣù kan náà.

Màmá gbà láti ju owó ẹyọ náà. Wọ́n kàn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé oṣù Òjúde Ọba kò sí nínú ẹ̀, mo sì ti kọ ọ́.